Àpò 18 tàbí àpò 11: bí a ṣe sọ ìwé òǹkọ̀wé márùn-ún di ìwé kan ní Ṣàgámù

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni iṣẹ́ náà dé ọwọ́ mi, fáìlì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù ló ní kí wọ́n kọ ìròyìn lórí bí gbàǹja ṣe ń kúrò lóko títí tó fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya. Orí márùn-ún ni, òǹkọ̀wé márùn-ún, ojú ìwé 112. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kó dà bíi pé ẹnì kan ló kọ ọ́, wọ́n sì fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ orí kìíní, ìtàn bí ìlú mẹ́tàlá ṣe kó jọ lọ́dún 1872 tí wọ́n di Ṣàgámù, àti bí òwò obì ṣe rí láyé ìgbà tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wà ní gáréèjì níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ló kọ orí kejì. Ọmọ ìyá alóbì kan kọ orí kẹta, lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obì. Orí kẹrin, ti kíka àpò, jẹ́ ti ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì. Àlàájì kan ní Sábó ló kọ orí karùn-ún, lórí àwọn tó ń rà á.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo kàn ń kà á, mo sì ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tí mo rí sórí tákàdà kan tí mo pín sí ọ̀nà mẹ́ta: bí a ó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ kan, oríṣi ọ̀nà tí àwọn márààrún ti gbà kọ ọ́, àti ẹni tó bá mi fẹnu kò lé e lórí. Ìwé àdéhùn ni mo ń pe tákàdà yìí. Nínú kíkà yẹn ni mo ti rí i pé ojú ìwé 31 sọ pé nǹkan bíi àpò obì 18 ló ń jáde lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, tí ojú ìwé 74 sì ní àpò gbàǹja 11. Mo fi pẹ́ńsù yí méjèèjì po, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé “obì = gbàǹja + àbàtà?”, mo sì kọjá lọ. Lójú tèmi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni.

Orí Bàbá ló dà bíi pé yóò le jù, òun ló sì rọrùn jù. Bàbá ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá kí àkọtọ́ ọdún 1974 tó jáde, ọwọ́ wọn kò sì yí padà. Aiye ni wọ́n ń kọ fún ayé, enia fún ènìyàn, yio fún yóò, nwọn fún wọ́n, Shagamu fún Ṣàgámù, Otta fún Ọ̀tà. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kan tí wọ́n ti kọ aiye lókè tí wọ́n wá kọ ayé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe “àṣìṣe” kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òfin mìíràn ló ń tẹ̀ lé, olóòtú tó bá sì mọ òfin náà lè tú u láìfi orí fọ́ ògiri. Àwa tí a jẹ́ ọmọ àkọtọ́ tuntun la máa ń kọ èèyàn ní ìlà kan, ká kọ ènìyàn ní ìlà kejì, ká tún kọ eniyan lásán ní ìlà kẹta.

Ọ̀rọ̀ nwọn tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Nínú àkọtọ́ àtijọ́, nwọn ni wọ́n ń kọ níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi “nwọn ra obi”. Wọn ni wọ́n ń kọ níbi tó bá ti kẹ́yìn rẹ̀, bíi “mo ri wọn”. Nítorí náà gbogbo nwọn lè di wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn òkè, àfi níwájú kò, kì í àti yóò, níbi tí ohùn rẹ̀ ti ń bọ́ sí àárín: wọn kò lọ, wọn kì í lọ, wọn yóò lọ. Mo kọ́kọ́ yí “nwọn ko” tí ko rẹ̀ jẹ́ kò, “nwọn ki i” àti “nwọn yio” padà, lẹ́yìn náà ni mo wá yí nwọn tó ṣẹ́ kù. Bí èèyàn bá yí ètò yẹn po, á di dandan kó tún padà wá ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo ti jìn sí kòtò ni na. Báyìí ni àkọtọ́ àtijọ́ ṣe ń kọ náà. Mo ṣí Find & Replace, mo fi àmì sí Whole words only kó má bàa fọwọ́ kan ọ̀nà tàbí nawọ́, mo ní kó sọ na di náà. Ibi 236 ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi sì dùn. Kò pẹ́ tí mo dé ojú ìwé 14, mo rí i pé: “Onibara a ma náà ọja titi ilẹ yóò fi shu.” Ná ọjà ni Bàbá ń sọ. Wọn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ìwé òwò sì ni ìwé yìí, inú rẹ̀ kún fún ná ọjà àti ná owó. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo sì gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni.

Mo ti kọ́gbọ́n nígbà tí mo fi dé orí sh àti ṣ. Kí n tó yí wọn padà, mo fi àwọ̀ ewé kun gbogbo orúkọ ìdílé, orúkọ ilé iṣẹ́ bó ṣe wà lára pátákó, àti ọ̀rọ̀ tó tẹnu àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò jáde. Ẹni tó ń fi sh kọ orúkọ bàbá rẹ̀, n kì í ṣe ẹni tí yóò kọ́ ọ ní àkọtọ́. Bí ìyá kan bá sì sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ, tó fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe, bó ṣe sọ ọ́ ni yóò wà. Ìkọsílẹ̀ òǹkọ̀wé la ń tún ṣe. Ti ìyá yẹn, ẹ̀rí ni.

Orí kẹta ló wá fi nǹkan mìíràn hàn mí. Ọmọ ìyá alóbì náà fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa, lójú, kò sí àléébù. Ṣùgbọ́n mo wá ọjà nínú fáìlì náà, ibi 58 ni kọ̀ǹpútà rí. Mo wo ojú ìwé 47, ọjà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Orí fóònù ló ti kọ apá kan, orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló ti kọ apá kejì, ó sì ṣe ẹ̀dà apá kan láti inú ìwé àtijọ́. Ẹ mú lẹ́tà ọ̀ bí àpẹẹrẹ: lójú wa, ọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì ohùn, èkejì jẹ́ o pẹ̀lú ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ àti àmì lókè, ẹ̀kẹta jẹ́ ò tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ sí lẹ́yìn. Apá kan kì í tilẹ̀ ṣe ẹsẹ̀ alámì tó-tó ni wọ́n lò, igi kékeré tó dúró ṣánṣán ni. Bí èèyàn bá ń ṣe àtúnṣe sórí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, yóò rò pé òun ti yí gbogbo rẹ̀ padà, ìdajì kò sì mọ̀ pé ẹnì kan kọjá.

Mo gba ọ̀rọ̀ inú orí kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì lásán, mo yọ àwọn àtẹ sọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sì kọ èyí fún mi:

```
import unicodedata
t = open("ori3.txt", encoding="utf-8").read()
t = t.replace("\u0329", "\u0323")
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
open("ori3b.txt", "w", encoding="utf-8").write(t)
```

Ìlà kẹta ń sọ igi kékeré nísàlẹ̀ di tó-tó. Ìlà kẹrin ń mú kí gbogbo lẹ́tà kan náà jẹ́ ọ̀nà kan náà. Ìlà kẹrin nìkan kò tó, torí lójú rẹ̀, igi àti tó-tó kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí mo tún wá ọjà, ó di 97. Bó bá ṣe pé mo tún un bẹ̀rẹ̀ lónìí, èyí ni ǹ bá kọ́kọ́ ṣe, kí n tó yí lẹ́tà kan padà nínú orí kankan.

Ó wá kan orúkọ nǹkan. Obì, gbàǹja, àbàtà, goro: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ìwé náà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n sọ gbogbo rẹ̀ di gbàǹja, kó rọrùn. Ohun tó dá mi dúró ni orí Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ obì ìgbéyàwó àti obì dídà. Àbàtà ni ìyẹn. Àbàtà ló máa ń ní awẹ́ mẹ́ta sókè, aláwẹ́ mẹ́rin sì ni wọ́n ń wá fún dídà. Gbàǹja kò ju awẹ́ méjì lọ. Bí mo bá sọ obì di gbàǹja káàkiri, ojú ìwé 9 yóò ní gbàǹja ni wọ́n ń dà, gbogbo àgbà Rẹ́mọ ni yóò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo pe ọmọkùnrin orí kejì nípa àpò 18 rẹ̀. Mo ní ṣé àbàtà wà nínú ohun tó kà.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ kó àbàtà lọ sí Kánò? Gbàǹja nìkan ni wọ́n ń bá wa di.”

Nítorí náà, obì tirẹ̀ àti gbàǹja orí kẹrin, nǹkan kan náà ni. Àlàyé tí mo ti fi pẹ́ńsù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wó lulẹ̀, 18 àti 11 sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Mo sọ obì orí kejì di gbàǹja, ó wá jẹ́ pé àtakò náà túbọ̀ hàn gbangba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán.

Goro ló fẹ́ tàn mí jẹ. Goro ni Haúsá ń pe obì, mo sì ti fẹ́ sọ ọ́ di gbàǹja láì bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ iye owó kílò kan nínú orí Àlàájì ga ju ti orí kẹta lọ, mo sì rò pé yóò dára kí n kọ́kọ́ bi wọ́n. Àlàájì ní kí n wá sí Sábó. Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ méjì hàn mí. Nínú èkíní, obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú èèpo rẹ̀, awọ funfun ṣì bo ara rẹ̀. Nínú èkejì, èyí tí wọ́n ti rẹ sómi títí awọ fi rọ̀, tí wọ́n ti bọ́ ọ, fọ̀ ọ́, bò ó mọ́lẹ̀ kó làágùn, kí wọ́n tó fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dà á sí. “Èyí nìkan ni mò ń pè ní goro nínú ìwé mi,” ni wọ́n wí. “Ìyẹn kò tíì di ọjà.” Ọmọ ìyá alóbì, ní tirẹ̀, awọ wà lára obì tó kọ iye owó rẹ̀. Owó méjèèjì tọ̀nà. Kílò kan obì tí a ti bọ́ kò ní awọ tí a ń sanwó lé lórí mọ́. Bí mo bá ti sọ goro di gbàǹja, ẹni tó ń ka ìwé náà yóò rò pé ẹnì kan ń parọ́, kò sì ní rí ọ̀nà tí yóò fi mọ ìdí rẹ̀. A fẹnu kò sí “gbàǹja tútù” fún èkíní àti “gbàǹja tí a ti bọ́” fún èkejì. Goro wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìlà tó ti sọ pé orúkọ tí Haúsá ń pè é nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó kọjú sí àsìkò àti ìbá ìṣẹ̀lẹ̀. Yorùbá kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fún àná àti òní. Ọ̀rọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. “A ka àpò” ti ṣẹlẹ̀. “A mọ ọ̀nà” ṣì rí bẹ́ẹ̀ di ìsinsìnyí. Àdéhùn wa ni pé ohun tí a ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán: a lọ, a bi, a ka. Ohun tó jẹ́ àṣà ọjà, máa ń, pẹ̀lú kì í fún ìyísódì rẹ̀. “A máa” tí Bàbá ń lò di “máa ń”. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì gbà. Nínú ìmọ̀ràn, a kò lo yóò rárá, nítorí “ẹgbẹ́ yóò ra apẹ̀rẹ̀ tuntun” lè jẹ́ ìlérí, ó sì lè jẹ́ àbá. “Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ra” ni a kọ.

Orí kẹrin nìkan ló kún fún ọjọ́ iwájú. A ó lọ, a ó ka, a óò bi. Ó hàn pé inú ìwé àbá tí wọ́n fi tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni ọmọkùnrin náà ti gbé e wá. Mo wá yóò, ó, óò, á, máa, mo ń yọ wọ́n kúrò. Ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ geerege. Ní ìkẹrin mo rí èyí: “A kò ní ka àpò tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́rin.” Ìyísódì yóò nìyẹn, kò sì sí yóò nínú rẹ̀, wíwá yóò kò lè mú un. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe, “kò ní” ló ń tú wọn fó. Mo fẹ́ sọ ọ́ di “a kò ka”, ọwọ́ mi sì dúró. Nígbà tí mo bá kọ “a kò ka”, èmi ni mo ń jẹ́rìí pé wọn kò kà á lóòótọ́. Ta ló sọ fún mi? Mo padà sókè, sí gbólóhùn tí mo ti tún ṣe tán: “A ka àpò fún ọjọ́ ọjà 8.” Ìyẹn náà, èmi ni mo sọ ọ́ di òótọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni “a ó ka”.

Mo fóònù ọmọkùnrin náà.

“Ọjọ́ ọjà mélòó lo lọ gan-an?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Márùn-ún ni, Àǹtí mi. Òjò ò jẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ mẹ́ta.”

“Àti ti aago mẹ́rin?”

“Ìyẹn, a ò kà wọ́n lóòótọ́.”

Mo ní kó fi tábìlì ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ìlà mẹ́jọ ló ti là sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú márùn-ún, ó kọ 16, 21, 18, 15 àti 20. Mẹ́ta tó kù ṣófo. Nísàlẹ̀, èyí ló wà:

```
=SUM(B2:B9)/8
```

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Bí a bá pín 90 sí mẹ́jọ, yóò jẹ́ 11 àti díẹ̀, òun ni ojú ìwé 74. Bí a bá pín in sí márùn-ún tó lọ lóòótọ́, 18 ni, iye tí ọmọ gáréèjì ti kọ sójú ìwé 31 láìlo ìwé ìṣirò kankan. Ká ní `=AVERAGE(B2:B9)` ló kọ ni, kọ̀ǹpútà ì bá ti fo àlàfo mẹ́ta yẹn fúnra rẹ̀, 18 náà ni ì bá sì jáde. Ìṣirò náà pẹ̀lú jẹ́ ọjọ́ iwájú. Ìgbà tí ó ṣì ń retí ọjọ́ mẹ́jọ ló ti kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé 74 ṣe di 18, a sì kọ ọjọ́ ọjà 5 síbẹ̀ gbangba, pẹ̀lú òjò tó fà á. Ibi mẹ́rin mìíràn tí 11 ti wà nínú ìwé náà, títí kan ìsọníṣókí tí ẹgbẹ́ fẹ́ kà nípàdé, a tún wọn ṣe. Lẹ́yìn náà mo padà sí gbogbo gbólóhùn tí mo ti yọ yóò kúrò nínú orí kẹrin, mo kọ wọ́n sójú kan, mo sì ní kí ọmọkùnrin náà fi “a ṣe é” tàbí “a kò ṣe é” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Mẹ́rin ni wọn kò ṣe. A yọ mẹ́rin náà.

Ọjọ́ kan ṣáájú kí ìwé tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, Bàbá Tíṣà wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti ka orí tiwọn lákọ̀tun. “Ọmọ mi, o ti sọ mí di ọmọdé,” ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí fún: ewì kékeré tí wọ́n kọ fún ìyá wọn, tó ta obì títí ó fi kú, tó wà lójú ìwé ìyàsọ́tọ̀. Ìlà mẹ́fà ni, aiye wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì àti nwọn lẹ́ẹ̀kan. Mo mú ìwé àdéhùn, mo wá àyè nísàlẹ̀ pátápátá, mo kọ ọ́ sí ọ̀nà kìíní pé: “Ojú ìwé 3, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ní ọ̀nà kẹta, níbi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, Bàbá gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ orúkọ tiwọn síbẹ̀, pẹ̀lú sh.